Ife Omi Ọyàn ní Aago Mẹ́ta Òru

Aago mẹ́ta òru ku díẹ̀ nígbà tí ìyàwó àbúrò mi dé ẹnu ọ̀nà yàrá àwọn ọmọ tí oṣù wọn kò pé, ife oníke kékeré kan ní ọwọ́ rẹ̀. Omi ọyàn ló wà nínú ife náà. Kò tó ìdajì ife, aṣọ funfun kékeré kan ló fi bò ó lórí kí eṣinṣin má baà kó sí i. Láti ọjọ́ kejì tó bímọ ni wọ́n ti kọ́ ọ bí yóò ṣe máa fún ọyàn rẹ̀ ní wákàtí mẹ́ta mẹ́ta, kí wọ́n lè máa gba inú rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ imú ọmọ náà fún un. Oṣù méje ni wọ́n bí i, ìwọ̀n rẹ̀ kò sì ju kílò kan àti díẹ̀ lọ. Ó ti lo ọjọ́ mẹ́fà láyé. Ní òru yẹn, ó ti kú ní nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú kí ìyá rẹ̀ tó gbé ife dé.

Ìyá kò mọ̀. Èmi náà kò mọ̀. Orí bẹ́ǹṣì ni mo jókòó sí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mò ń gbọ́ òjò oṣù Keje lórí páànù, irú òjò Port Harcourt tí kì í sinmi bó bá ti bẹ̀rẹ̀. Nọ́ọ̀sì àgbà kan ló jáde wá pàdé rẹ̀. Métírọ̀n ni gbogbo ènìyàn ń pè é níbẹ̀, orúkọ náà ni èmi náà yóò máa lò. Ọmọ Ọ̀wọ̀ ni, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ ní Port Harcourt débi pé ó ń sọ̀rọ̀ Ìkwérré pẹ̀lú àwọn tó ń gbálẹ̀. Ohun tí mo rí tí obìnrin yìí ṣe láàárín ogójì ìṣẹ́jú tó tẹ̀ lé e ni mo fẹ́ sọ, nítorí mo ti rí àwọn ènìyàn tó ń tọ́jú aláìsàn rí, n kò sì mọ̀ pé iṣẹ́ ọwọ́ wà nínú rẹ̀ bí iṣẹ́ aṣọ híhun ṣe jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́.

Ohun àkọ́kọ́ ni pé ó ti fọ ọwọ́. Mo rí omi lára ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Ó ti bọ́ ìbọ̀wọ́, ó ti bọ́ épúrọ́ọ̀nù, ó sì ti sọ fún nọ́ọ̀sì kejì pé kí ó mójú tó àwọn ọmọ mọ́kànlá tó kù. Kò sí ohun tí yóò pè é padà. Ohun kejì ni ife náà. Mo rò pé ẹlòmíràn ì bá ti sọ fún ìyá pé kí ó gbé e sílẹ̀. Métírọ̀n na ọwọ́ méjèèjì, ó ní, "Jẹ́ kí n bá ọ gbà á, àbúrò mi." Ó gbà á bí a ṣe ń gba ohun tó níye lórí, ó fà á lé ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lọ́wọ́, ẹni yẹn sì gbé e sínú fíríìjì láàárín àwọn ife ìyókù, tòun ti orúkọ lára rẹ̀. Kò da á nù. Lẹ́yìn náà ló wò mí, ó ní, "Ẹbí rẹ̀ ni yín? Ẹ máa bá wa bọ̀."

Yàrá kékeré ni wọ́n mú wa lọ, tí wọ́n ń kó àwọn páálí sábẹ́rẹ́ sí. Àga méjì wà níbẹ̀, ọ̀kan ga ju ìkejì lọ. Métírọ̀n gbé èyí tó ga fún ìyá ọmọ, ó mú èyí tó rẹlẹ̀. Eékún wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn. Kò tíì sọ nǹkan kan. Ìbéèrè ló kọ́kọ́ bi í: "Kí ni dókítà sọ fún ọ ní àná nípa ikùn rẹ̀?" Ìyá dáhùn pé wọ́n ní ikùn ọmọ ń wú, pé omi ọyàn kò dà nínú rẹ̀ mọ́, pé wọ́n ti fi oògùn àkóràn sí i, wọ́n sì ti dá fífún un ní omi ọyàn dúró títí ikùn yóò fi rọ̀. Ó sọ gbogbo rẹ̀ tán, bí ọmọ ilé ìwé tó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Mo wá mọ̀ lẹ́yìn náà pé ìbéèrè yẹn ni Métírọ̀n fi ń wọn ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dé, kí ó lè mọ bí àtẹ̀gùn tó kù ṣe gùn tó. Ẹni tó ti mọ̀ pé ọmọ òun ń kú kò jìnnà sí ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tó rò pé yóò gbé ọmọ lọ sílé ní ọjọ́ kejì jìnnà gan-an, ìgbésẹ̀ fún un gbọ́dọ̀ pọ̀.

Lẹ́yìn èyí ló ní, "Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ fún ọ kò dára rárá." Ó dúró. Ó tó kí ènìyàn mí lẹ́ẹ̀mejì. Ó wá ní, "Ọmọ ti kú. Ìṣẹ́jú díẹ̀ sẹ́yìn ni. Ọwọ́ mi ló wà lára rẹ̀."

Èdè wa ní ọ̀nà púpọ̀ láti yẹra fún ọ̀rọ̀ yìí. A máa ń sọ pé ọmọ kò dúró, pé ó ti lọ, pé ó ti sùn, pé ilé ayé kò gbà á. Ìwà pẹ̀lẹ́ ni, n kò bẹnu àtẹ́ lù ú. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bi Métírọ̀n léèrè ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà, ó sọ fún mi pé nígbà tí òun ṣì kéré lẹ́nu iṣẹ́, òun sọ fún ìyá kan pé ọmọ rẹ̀ "ti lọ", obìnrin náà sì dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù, ó ń béèrè pé wọ́ọ̀dù wo ni wọ́n gbé e lọ. "Lẹ́ẹ̀mejì ni mo wá pa ọmọ náà fún un," ni ó wí. Láti ọjọ́ náà ni ó ti ń lo ọ̀rọ̀ tí kò lè ní ìtumọ̀ méjì.

Ìyàwó àbúrò mi ké. N kò ní ṣàpèjúwe igbe náà. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí ni ọwọ́ Métírọ̀n. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ kan lé e lẹ́yìn, láàárín èjìká méjèèjì, ó sì fi í síbẹ̀. Kò fi pa á lẹ́yìn sókè sódò bí a ṣe ń ṣe fún ọmọdé. Ó kàn gbé e síbẹ̀ bí ìgbà tí ènìyàn fi ọwọ́ ti ògiri kí ó má wó. Kò sọ pé kí ó dákẹ́, kò sì pe orúkọ Ọlọ́run. Èmi ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀, ó sì gbé ojú sókè wò mí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, mo sì gbọ́.

Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, Métírọ̀n béèrè lọ́wọ́ ìyá bóyá ó fẹ́ gbé ọmọ náà. Wọ́n ti yọ rọ́bà imú. Ibi tí pílásítà ti lẹ̀ mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, wọ́n ti fi òróró pa á kí àmì rẹ̀ lè rọ̀. Wọ́n ti dé e ní fìlà. Gbogbo èyí ni wọ́n ti ṣe láàárín ogún ìṣẹ́jú tó ṣáájú, nígbà tí mo rò pé kò sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni mo gbé ọsàn àti búrẹ́dì lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, lẹ́yìn náà mo ń lọ lóòrèkóòrè. Mo fẹ́ mọ bí ènìyàn ṣe ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn fún ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n tí kò sì di òkúta. Èsì tó fún mi yà mí lẹ́nu. Ó ní, "Ta ló sọ fún ọ pé n kò di òkúta rí?"

Ọ̀rọ̀ yìí ní orúkọ lẹ́nu àwọn onímọ̀. Ní 1992, nọ́ọ̀sì ará Amẹ́ríkà kan, Carla Joinson, kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn àwọn nọ́ọ̀sì, Charles Figley sì gbé ìwé odidi jáde lé e lórí ní 1995. Èmi yóò pè é ní àárẹ̀ àánú. Kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú kí iṣẹ́ pọ̀ jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n máa ń rìn pọ̀. Iṣẹ́ tó pọ̀ jù lè sú akọ̀wé báǹkì náà. Àárẹ̀ àánú kì í mú ẹni tí kò gbé ìrora ẹlòmíràn wọlé. Ẹni tó fi ọkàn ṣiṣẹ́ ló ń mú, ìdí nìyí tí ó fi máa ń ti àwọn tó ní in lójú: wọ́n rò pé ìwà ìkà ló ń yọ lára wọn.

Mo bi í pé báwo ló ṣe mọ̀ nígbà tó dé bá òun. Mo rò pé yóò sọ pé òun ń sunkún ní òru. Ó ní rárá, pé ẹkún ṣì dára. "Etí mi ló kọ́kọ́ rẹ̀." Ó ní ìyá kan gbé ọmọ tí ibà ti ń ṣe fún ọjọ́ márùn-ún wá. Ìyá náà sọ̀rọ̀ púpọ̀: pé ọkọ òun wà lójú omi, pé ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù kò jẹ́ kí òun kúrò, pé òun lo àgbo, pé òun yá owó ọkọ̀. Nínú gbogbo rẹ̀, "ọjọ́ márùn-ún" nìkan ni Métírọ̀n gbọ́. Ó jágbe mọ́ ọn: "Níbo lẹ wà láti ọjọ́ yìí?" Ìyá náà dákẹ́. Nítorí pé ó dákẹ́, kò sọ ohun tó yẹ kí ó sọ tẹ̀ lé e, pé gìrì ti mú ọmọ náà lẹ́ẹ̀kan nínú ọkọ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, kí wọ́n tó mọ̀, gìrì kejì dé lójú wọn. Ọmọ náà yè. Ṣùgbọ́n Métírọ̀n ní ọjọ́ yẹn ni òun mọ̀ pé àárẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹni tó ń tọ́jú nìkan. Ìbínú ni ó máa ń kọ́kọ́ wọ̀ bí aṣọ, ẹni tí a sì bínú sí kì í sọ ìtàn rẹ̀ tán. Inú ìtàn tí a kò jẹ́ kí wọ́n sọ tán ni àrùn ń sá pamọ́ sí.

Ó ka àwọn àmì mìíràn fún mi. Kí ènìyàn máa pe ọmọ ní nọ́ńbà bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ nínú ọkàn, kì í ṣe lẹ́nu nìkan. Kí ó máa gba ojú ọ̀nà tó jìn lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kí ó má baà kọjá níwájú ìyá kan. Kí ọmọ tirẹ̀ tó wà nílé hú ikọ́ kan péré, kí àyà rẹ̀ já bí ẹni pé ó ti rí òkú. Nígbà tí èéfín dúdú bẹ̀rẹ̀ sí í bo Port Harcourt ní òpin ọdún 2016, tí eérú rẹ̀ ń bà lórí aṣọ tí ènìyàn sá àti nínú imú àwọn ọmọ, ó ní òun ń jí lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóru láti gbọ́ èémí àbíkẹ́yìn òun, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tí kò ní àrùn kankan. Ìsinmi iṣẹ́ kò mú un lọ. Ó lọ sí Ọ̀wọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, èémí náà ló ń gbọ́ níbẹ̀.

Kí ló wá yí padà? Ibí ni mo ti kọ́ ohun tí n kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Àwọn olùwádìí kan ní Leipzig ní ilẹ̀ Jámánì, Tania Singer àti Olga Klimecki, wò ó dáadáa, àbájáde wọn sì jáde ní 2014. Wọ́n kọ́kọ́ kọ́ àwọn ènìyàn láti máa bá ẹlòmíràn jẹ ìrora rẹ̀, kí wọ́n jẹ́ kí ìyà ẹni náà di tiwọn. Wọ́n fi fídíò àwọn ènìyàn tó wà nínú ìyà hàn wọ́n. Ara wọn kò gbà á: inú wọn bàjẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá kọ́ àwọn kan náà ní nǹkan mìíràn: kí wọ́n máa fẹ́ ire fún ẹni náà, kí ọkàn wọn máa lọ sí ohun tí yóò mú un rọrùn. Wọ́n rí fídíò ìyà bíi ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ọkàn wọn gbé e. Apá ibi tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọpọlọ wọn pàápàá yàtọ̀. Kíkọ́ ọ fún ọjọ́ díẹ̀ nínú yàrá ìwádìí kò rí bí ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n nínú wọ́ọ̀dù, n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba èyí bí oògùn. Àmọ́ ó fi ìlà kan hàn tí Métírọ̀n ti fi ara rẹ̀ rí. Ìrora tí ènìyàn kàn ń gbà sínú máa ń jẹ ẹ́. Èyí tó bá gba inú ọwọ́ kọjá, tó di àga tí a gbé fún ẹlòmíràn, tó di òróró lórí àmì pílásítà, máa ń rí ọ̀nà jáde.

Wo ọ̀rọ̀ wa "pẹ̀lẹ́". Irú méjì ni. Ọ̀kan ni èyí tí a máa ń sọ nígbà tí ọ̀rọ̀ ẹni ń dùn wá, tí a ń fi ojú gba ìrora rẹ̀. Èkejì ni èyí tí a máa ń sọ fún ẹni tó fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ láti orí ọkọ̀: pẹ̀lẹ́, ẹsẹ̀ yín, ọ̀gbun wà níbẹ̀. Èyí ní ojú tó ń ṣọ́nà àti ọwọ́ tó nà. Pẹ̀lẹ́ kejì ni Métírọ̀n ń sọ.

Ibi tó ti kọ́ ọ jùlọ ni ibi tí wọn kò ti gbà kí ó lo ọwọ́ rárá. Ní oṣù Kẹjọ 2014, ẹni kan tó ti fara kan Patrick Sawyer, aláìsàn Ẹbólà àkọ́kọ́ ní Èkó, wá sí Port Harcourt, ó sì gba ìtọ́jú níkọ̀kọ̀ lọ́wọ́ dókítà Iyke Enemuo. Dókítà náà kó àrùn náà. Kí ẹnikẹ́ni tó mọ ohun tó ń ṣe é, ó ti tọ́jú àwọn ẹlòmíràn, ẹbí, ọ̀rẹ́ àti àwọn ará ìjọ sì ti bẹ̀ ẹ́ wò lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó kú ní ọjọ́ 22 oṣù náà. Nígbà tí àyẹ̀wò fi hàn pé Ẹbólà ni, ó di dandan láti wá gbogbo ẹni tó fara kan án, kí wọ́n sì máa yẹ̀ wọ́n wò lójoojúmọ́ fún ọjọ́ 21. Ní Port Harcourt nìkan, àwọn tí wọ́n ní láti tọ̀ lẹ́yìn ju 500 lọ. Ìbẹ̀wò ojúkojú tí wọ́n ṣe ní gbogbo Nàìjíríà tó nǹkan bí 18,500. Ní òpin rẹ̀, ènìyàn 20 ló kó o, 8 kú, ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá sì ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ó ti tán.

Métírọ̀n wà lára àwọn tó ń lọ láti ojúlé dé ojúlé. Iṣẹ́ náà dún bí ohun kékeré: dúró ní ẹnu ọ̀nà, má wọlé, má fọwọ́ kan nǹkan, wọn ìgbóná ara, béèrè bóyá orí ń fọ́, bóyá ó ń bì, bóyá ó ń yàgbẹ́, kọ ọ́ sílẹ̀, ó dọ̀la. Ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú méjì ni ìgbóná ara. Ìdajì wákàtí tó kù ni ìbẹ̀rù. Obìnrin kan wà tí ẹni tó ń ta ẹ̀bà kò tà fún mọ́. Ọkùnrin kan ní onílé ti ní kí òun kó jáde, ó sì ń bínú sí Métírọ̀n bí ẹni pé òun ló fún un ní àrùn. Ọmọdé kan ń béèrè lójoojúmọ́ pé ṣé òní ni òun yóò kú. Métírọ̀n ní òun kò lè dì mọ́ ọn. Ó ní ohun tí òun lè ṣe ni kí òun dé ní aago kan náà ní ọjọ́ kejì, kò gbọ́dọ̀ fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá pẹ́. Ìyẹn ni ó fi rọ́pò ọwọ́. Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó dè é lẹ́nu ọ̀nà.

Lálẹ́, gbogbo wọn máa ń padà jókòó yí tábìlì ká, oníkálùkù a sọ ilé tó ti wá. Wọ́n ń ka iye ìgbóná ara, ṣùgbọ́n ìtàn ọmọ náà àti ti onílé náà máa ń bá a wá, ẹlòmíràn a gbọ́ ọ, nígbà mìíràn ẹlòmíràn a ní, "Èmi ni n ó lọ sílé yẹn lọ́la." Tó bá sì pé ọjọ́ 21, wọ́n fa ìlà pupa lórí orúkọ ẹni náà. Métírọ̀n sọ ohun kan tí n kò tíì lè gbàgbé: pé ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn ni ẹ̀rù bà òun jù láyé òun, síbẹ̀ kò rẹ òun bí ó ṣe ń rẹ òun ní wọ́ọ̀dù. Ó rò ó títí kí ó tó mọ ìdí. Ìyà tibẹ̀ ní ọjọ́ kọkànlélógún. Ìyà wọ́ọ̀dù kò ní in. Bí ọmọ kan bá kú, òmíràn ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ kó tó di ọ̀sán, kò sì sí ẹni tó fa ìlà kankan.

Nítorí náà, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í fa ìlà fúnra rẹ̀. Nígbà tí àwọn nọ́ọ̀sì ń fa iṣẹ́ lé ara wọn lọ́wọ́, ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀, méjì ọ̀sán àti mẹ́jọ alẹ́, ohun tí wọ́n máa ń sọ ni oògùn, omi, ẹ̀jẹ̀, ìgbóná ara. Métírọ̀n fi gbólóhùn kan kún un fún àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀: ta ni ọkàn rẹ̀ wúwo, kí sì ni a ti ṣe sí i. Kì í ju gbólóhùn kan lọ. "Ìyá bẹ́ẹ̀dì mẹ́rin kò tíì sùn, ọkọ rẹ̀ ń bọ̀ láti Bonny ní aago mẹ́wàá." Ẹni tó gbọ́ ọ ti gbà á, ẹni tó sọ ọ́ lè máa lọ. Ó tún ṣe òfin pé kí nọ́ọ̀sì kan má sọ ikú ọmọ fún ìyá méjì nínú àkókò iṣẹ́ kan. Òfin yìí ni ó máa ń kọ́kọ́ fọ́. Ní alẹ́ tí nọ́ọ̀sì méjì péré bá wà fún ọmọ méjìlá, tí ọmọ méjì sì kú, kò sí ọgbọ́n nínú ayé tí yóò pín in. Àwọn tó kọ́ níṣẹ́ ń lọ sí òkè òkun. Ní oṣù Kejì 2024, ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Nàìjíríà ní kí nọ́ọ̀sì ti lo ọdún méjì lẹ́nu iṣẹ́ kí wọ́n tó fi ìwé ẹ̀rí rẹ̀ ránṣẹ́ sí ilẹ̀ òkèèrè, inú ọ̀pọ̀ wọn sì ru. Métírọ̀n kò bá àwọn tó ń lọ jà. Ó ní owó àti ẹ̀yìn tó ń dùn ni wọ́n máa ń dárúkọ, ṣùgbọ́n òun ti rí àwọn kan tó jẹ́ pé etí wọn ló rẹ̀.

Ọkọ rẹ̀ jẹ́ olùkọ́ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Diobu. Èmi rò pé tirẹ̀ burú jù. Ọmọ yóò fi ojú egbò hàn án ní aago mẹ́sàn-án, yóò sọ ẹni tó nà án nílé, agogo yóò lù, ìṣirò ló sì kàn. Kò sí ẹni tó ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní aago méjì. Ìyàwó rẹ̀ ni ó ń fà á lé lọ́wọ́, lórí tábìlì oúnjẹ, ẹni tó ti kún tẹ́lẹ̀.

Ìwé ìbéèrè kan wà tí àwọn kan lára àwọn nọ́ọ̀sì ń lò, tí Beth Hudnall Stamm ṣe ní Amẹ́ríkà. Ìbéèrè 30 ni, nípa 30 ọjọ́ tó kọjá, a ó sì fún oníkálùkù ní iye láti 1 dé 5. Ohun tó dára nínú rẹ̀ ni pé wọn kì í ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ọ̀nà mẹ́ta ló pín sí: ìdùnnú tí ènìyàn ń rí nínú ìtọ́jú, iṣẹ́ tó ti súni, àti ìpayà tó ràn wá láti ara ẹlòmíràn. Iye 22 sísàlẹ̀ kéré, 42 sókè pọ̀. Métírọ̀n fi tirẹ̀ hàn mí. Ìdùnnú rẹ̀ jẹ́ 45, ìpayà rẹ̀ sì jẹ́ 38. Mo rò pé àṣìṣe ni. Ó ní kì í ṣe àṣìṣe: "Mo fẹ́ràn iṣẹ́ yìí, ó sì ń pa mí lára. Àwọn tó ń wò wá máa ń rò pé ọ̀kan ló gbọ́dọ̀ jẹ́ irọ́." Ìwé náà kò sọ irú àìsàn tó ń ṣe ènìyàn. Ohun tó wúlò fún ni kí ènìyàn fi ti oṣù yìí wé ti oṣù tó kọjá, kí ó rí èyí tó ń gun òkè.

Mo padà sí òru tiwa. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìyá mi dé, ó ṣì wọ aṣọ tó fi sùn. Ó di ìyàwó ọmọ rẹ̀ mú, ó sì sọ ohun tí gbogbo ìyá ilẹ̀ wa máa ń sọ: "Omi ló dà nù, agbè ò fọ́." Ìfẹ́ ló fi sọ ọ́. Mo rí ojú ìyàwó àbúrò mi: omi náà gan-an ni ó ń sunkún sí. Métírọ̀n gbọ́ ọ, kò sì tako ìyá mi. Ó mú un lọ́wọ́, ó ní, "Màmá, òótọ́ lẹ sọ. Ẹ bá wa pa ọ̀rọ̀ yẹn mọ́ fún un, yóò wúlò fún un lọ́jọ́ iwájú. Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí ó jẹ nǹkan díẹ̀." Ó sì rán ìyá mi lọ ra ẹ̀kọ gbígbóná. Mo rí i pé ìyá mi náà nílò nǹkan tí ọwọ́ rẹ̀ yóò ṣe.

Ó béèrè lọ́wọ́ ìyàwó àbúrò mi pé kí ni kí wọ́n ṣe sí ife tó wà nínú fíríìjì. Ó ní òun yóò gbé e lọ sílé. Wọ́n fún un. N kò béèrè ohun tó fi ṣe rí.

Aago mẹ́jọ kọjá díẹ̀ nígbà tí Métírọ̀n fa iṣẹ́ lé àwọn tòwúrọ̀ lọ́wọ́. Ó sọ gbólóhùn tirẹ̀ nípa wa, ó gbé báàgì rẹ̀, ó ṣí agbòjò. Mo rí i tó dé ibi tí kẹ̀kẹ́ Márúwá dúró sí ní ẹnu géètì, ó ti fi ẹsẹ̀ kan wọlé. Ó dúró. Ó sọ nǹkan fún onímárúwá náà, ó sì sáré padà nínú òjò, ó kọjá lára mi láìsọ̀rọ̀, ó lọ bá nọ́ọ̀sì òwúrọ̀ ní ìdí tábìlì. Mo gbọ́ ohun tó sọ.

"Ọyàn rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ó lọ láì sọ fún un. Yóò kún ní ọ̀sán yìí, ara rẹ̀ kò mọ̀ pé ọmọ ò sí mọ́. Kí ó máa fún un díẹ̀, ìwọ̀n tí yóò fi rọ̀ ọ́ nìkan, kí ó má fún un gbẹ. Kí ó máa dín in kù lójoojúmọ́. Aṣọ tútù lórí rẹ̀, kọ́mú tó gbé e dáadáa. Tó bá pọ́n, tó gbóná, tí ibà bá wà, kí ó padà wá."

Ó dúró títí ọmọbìnrin náà fi kọ ọ́ sínú ìwé tán, ó kà á lẹ́ẹ̀kan sí i láti èjìká rẹ̀, ó wá jáde lọ bá kẹ̀kẹ́ tó ń dúró dè é.